Bí a ṣe lè yọ iye ọjà ọjọ́ kan àti ọ̀nà tí àwọn oníbàárà gbà sanwó láti inú fọ́tò bébà ìparí ọjọ́

Ìyá Olóògùn, Ìtámàgà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ará Ìkòròdú àti agbègbè rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù oògùn àti èlò ilé ni mo ní ní Ìtámàgà, ṣùgbọ́n n kì í sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń ti ilẹ̀kùn. Tí ọmọbìnrin tó ń gba owó bá ti parí iṣẹ́, ẹ̀rọ ìgbowó máa ń tẹ bébà gígùn kan jáde, òun á sì ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí Wasáàpù. Láti inú fọ́tò yìí ni mo ti ń kọ iye ọjà ọjọ́ náà sínú Excel, pẹ̀lú iye tí wọ́n san ní káàṣì, iye tó gba orí káàdì wọlé, àti iye tí wọ́n fi ṣe tíráńsífà. Ojú mi kì í fẹ́ ríran dáadáa lálẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń lo Google Lens láti da àwọn iye náà kọ. Ohun tó gbé jáde fún ọjọ́ Sátidé nìyí, lẹ́yìn tí mo ti to orúkọ àti iye sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn:

```
Z NO                 0412
GROSS SALES    486,350.00
DISCOUNT        -6,200.00
REFUND          -4,500.00
NET SALES      475,650.00
CASH           168,400.00
CARD           198,750.00
TRANSFER       113,500.00
FLOAT           20,000.00
PAID OUT        -7,500.00
CASH IN DRAWER 180,900.00
```

Nígbà tí mo ro CASH, CARD àti TRANSFER pọ̀, ₦480,650 ni mo rí. Kò bá NET SALES mu, kò sì bá GROSS SALES mu. Èwo gan-an ni kí n kọ gẹ́gẹ́ bí iye ọjà ọjọ́ náà, níbo sì ni ₦5,000 tó lé lórí NET SALES yẹn ti wá? Inú ṣọ́ọ̀bù ni bébà náà wà, èmi sì wà ní Ìbàdàn. N kò fẹ́ bi ọmọ náà ní ìbéèrè tí yóò dà bí ẹ̀sùn kí n tó mọ ohun tí mo ń sọ.

Aláṣọ Ẹ̀pẹ́

Ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́. GROSS SALES ni iye ọjà tí ẹ tà. Gbogbo ohun tí oníbàárà gbé jáde ní ṣọ́ọ̀bù ló wà níbẹ̀, ohun tí ẹ bá sì tà ló yẹ kí owó rẹ̀ wọlé. Ní ṣọ́ọ̀bù tèmi ní Ẹ̀pẹ́, káàṣì àti káàdì àti tíráńsífà máa ń bá GROSS SALES mu rẹ́gí lójoojúmọ́. Nítorí náà, kì í ṣe pé owó lé fún yín, ṣe ló dín ₦5,700. Ẹ jẹ́ kí ọmọ náà ṣàlàyé ara rẹ̀.

Alágbàfún, Àgbádárìgì

Ẹ̀yin ará, èmi náà ń ṣe POS níhìn-ín lẹ́bàá ọjà Àgbálátà, mo sì mọ ìyọnu yìí. Tí ẹ bá fẹ́ mọ èrè ọjọ́ kan, ẹ má wo àpapọ̀ tí ẹ̀rọ bá tẹ̀ jáde, nítorí owó tí ẹ fún àwọn ènìyàn kì í ṣe ọjà yín, iye tí ẹ bù lé e lórí nìkan ni tiyín. Èmi máa ń ní kí ẹ̀rọ tẹ ìwé ìparí ọjọ́ rẹ̀ jáde, màá wo èyí tó yege àti èyí tí kò yege, màá sì yọ owó tí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹ̀rọ gé kúrò lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ìyá Olóògùn, Ìtámàgà

Ẹ ṣeun, àbúrò mi, ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ POS ni mo ń ṣe. Ẹ̀rọ ìgbowó orí káńtà ni mò ń sọ, èyí tí a fi ń tẹ rìsíìtì fún oníbàárà. Ẹ̀rọ káàdì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́tọ̀, kò sì sí ohun tó so àwọn méjèèjì pọ̀.

Oníṣirò Ṣábó

Ẹ kú àsìkò yìí o. Mo ti ka gbogbo ohun tí a ti sọ, mo sì fẹ́ kí a mú un ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, nítorí ìdáhùn ìbéèrè ìyá wa wà nínú bébà yẹn fúnra rẹ̀.

Ní ti èyí tí ẹ óò kọ sílẹ̀, NET SALES ni. GROSS SALES ni iye tí ọjà ìbá jẹ́ kí a tó yọ ẹ̀dínwó àti owó ọjà tí oníbàárà dá padà. Ẹ yọ 6,200 àti 4,500 kúrò nínú 486,350, ẹ óò rí 475,650, èyí tó bá NET SALES mu láìku kọ́bọ̀. Èyí sọ fún wa pé Google Lens ka àwọn ìlà mẹ́rin òkè yẹn dáadáa. Aláṣọ Ẹ̀pẹ́ kò purọ́ pé káàṣì àti káàdì àti tíráńsífà máa ń bá GROSS SALES mu ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀, àmọ́ ó dá mi lójú pé níbẹ̀ wọn kì í fi ẹ̀rọ ṣe ẹ̀dínwó, oníbàárà kì í sì í dá aṣọ padà. Lọ́jọ́ tí DISCOUNT àti REFUND bá jẹ́ òfo, GROSS àti NET á dọ́gba, kò sì ní sí ẹni tí yóò mọ̀yàtọ̀ wọn. Owó tí oníbàárà kò san kò lè wà nínú àpótí, nítorí náà NET SALES ni ọ̀nà ìsanwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú.

Ní ti ₦5,000 tó lé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì pe ọmọ náà. Ẹ kọ́kọ́ wo irú iye tó jẹ́. Nígbà tí ènìyàn bá ń fi ọwọ́ tẹ nọ́ńbà, àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí ó gbé èyí tó yẹ kó ṣáájú sẹ́yìn, bí ẹni tó tẹ 186 dípò 168, ìyàtọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a sì máa ṣeé fi 9 pín láìsí àjẹkù. A kò lè fi 9 pín 5,000 láìsí àjẹkù, nítorí náà kì í ṣe ìyípòpadà. Àṣìṣe fọ́tò yàtọ̀ sí ti ọwọ́. Ojú ẹ̀rọ kì í yí ipò nọ́ńbà padà, ìrísí ló máa ń tàn án. Ó lè rí 3 kó pè é ní 8, ìyẹn ìyàtọ̀ 5. Ó lè rí 1 kó pè é ní 7, ìyẹn 6. Ó lè rí 6 kó pè é ní 8, ìyẹn 2. Tí ìyàtọ̀ bá jẹ́ nọ́ńbà kan ṣoṣo tí òfo tẹ̀lé, ẹ wá ìlà kan ṣoṣo tí nọ́ńbà kan ṣoṣo ti yí padà.

Tiyín jẹ́ 5 ní ipò ẹgbẹ̀rún, ó sì lé ni, kò dín. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó ṣeé ṣe kí 3 kan ti di 8 ní ipò ẹgbẹ̀rún. Ìlà méjì ló ní 8 níbẹ̀: CASH, tó jẹ́ 168,400, àti CARD, tó jẹ́ 198,750. Ọ̀kan nínú wọn ni ọ̀daràn, àpapọ̀ nìkan kò sì lè sọ èwo ni. Ibi tí ìsàlẹ̀ bébà ti wúlò nìyí. Ẹ mú owó ṣéńjì tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ ọjọ́ pẹ̀lú, ìyẹn FLOAT, 20,000, ẹ fi CASH 168,400 kún un, ẹ yọ 7,500 tí wọ́n mú jáde kúrò. Ohun tó kù ni 180,900, ohun tí CASH IN DRAWER sì sọ gan-an nìyẹn. Nítorí náà CASH tọ̀nà, CARD ni wọ́n kà ṣì. 193,750 ni yóò jẹ́. Ẹ tún un rò: 168,400, 193,750 àti 113,500 jẹ́ 475,650.

Ìlà ìsàlẹ̀ yẹn tún jẹ́ ká mọ ohun mìíràn. Bó bá jẹ́ pé inú àpótí ni wọ́n ti mú ₦4,500 tí wọ́n dá padà, a jẹ́ pé ẹ̀rọ yín ti yọ ọ́ nínú CASH kó tó tẹ CASH jáde, ẹ kò gbọdọ̀ tún un yọ. Gbogbo ẹ̀rọ kọ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn kan á tẹ CASH láìtíì yọ ohunkóhun, wọ́n á wá yọ owó tí a dá padà nísàlẹ̀. Ìṣirò àpótí ni yóò fi tiyín hàn yín.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́

Àlàyé Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò yé mi dáadáa. Ẹ jẹ́ kí n fi ti fóònù kún un, nítorí iṣẹ́ àtúnṣe fóònù ni mò ń ṣe.

Ìyá wa, ẹ sọ fún ọmọ náà kó má fi fọ́tò ránṣẹ́ bí a ṣe ń fi fọ́tò ránṣẹ́. Wasáàpù máa ń fún fọ́tò kéré kó tó gbé e lọ, àwọn lẹ́tà wínníwínní orí irú bébà yẹn ló sì máa ń kọ́kọ́ jìyà rẹ̀, torí ibi tí 3 ti ṣí sílẹ̀ á dí, á wá dà bí 8. Kó tẹ àmì ìsomọ́, kó yan `Document`, kó sì mú fọ́tò náà láti ibẹ̀. Bó ṣe yà á náà ni yóò ṣe dé ọ̀dọ̀ yín. Kó tẹ́ bébà náà sórí káńtà, kó fi nǹkan tẹ orí àti ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó má baà ká, kó sì pa iná fóònù, nítorí bébà náà ń dán, iná á sì sọ àárín rẹ̀ di funfun. Tó bá gùn jù, kó yà á ní méjì, kí ìlà NET SALES hàn nínú méjèèjì kí ẹ lè mọ ibi tí wọ́n ti pàdé, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan péré ni kí ẹ kọ ìlà náà.

Ohun kejì ni ti Google Lens fúnra rẹ̀. Nígbà tí àyè bá pọ̀ láàárín orúkọ àti iye, ó lè ka gbogbo orúkọ tán kó tó wá ka gbogbo iye, bó ṣe rí sí ìyá wa nìyẹn tí wọ́n fi ní láti tò wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Tí ìlà kan bá ṣófo tàbí tó ṣá, iye tó wà nísàlẹ̀ á sún gòkè, tíráńsífà á wá jókòó síbi káàdì. Àpapọ̀ lè yẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní sọ fún yín pé iye tó sún gòkè ló fà á. Ẹ ka iye àwọn orúkọ, ẹ ka iye àwọn nọ́ńbà, kí wọ́n dọ́gba kí ẹ tó tò wọ́n.

Ẹ̀kẹta, tí ó bá ka àmì ìdánudúró ṣì, tó wá gbé `113.500.00` jáde, Excel á gbà pé ọ̀rọ̀ lásán ni, SUM á sì fò ó láìsọ fún yín. Nọ́ńbà gidi máa ń fara ti apá ọ̀tún àpótí rẹ̀, ọ̀rọ̀ máa ń fara ti òsì. Ẹ kàn wo ibi tó fara tì.

Oníṣirò Ṣábó

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́, ẹ kú iṣẹ́. Mo fara mọ́ ọn. Ìyá wa, bí ẹ bá to àwọn ìlà yẹn bí ẹ ṣe tò wọ́n lókè, tí Z NO wà ní B1 tí CASH IN DRAWER sì wà ní B11, àwọn ìlà méjì yìí á máa ṣọ́ yín lálaalẹ́:

```
=SUM(B6:B8)-B5
=SUM(B6,B9,B10)-B11
```

Òfo ni kí méjèèjì máa fún yín. Ẹ fi àmì ìyọkúrò sílẹ̀ níwájú PAID OUT bó ṣe wà lórí bébà, nítorí tó bá bọ́ lọ, ìlà kejì á fi ìlọ́po méjì owó náà yẹ̀. Ẹ má fi ìlà àkọ́kọ́ nìkan mọ. Tí wọ́n bá ka káàṣì ju bó ṣe yẹ lọ, tí wọ́n sì ka káàdì dín ní iye kan náà, òfo ni ìlà àkọ́kọ́ á ṣì máa fi hàn, ìlà kejì ni yóò sọ̀rọ̀.

Ẹ sì rántí pé CASH IN DRAWER jẹ́ iye tí ẹ̀rọ rò pé ó yẹ kó wà nínú àpótí. Kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni fi ọwọ́ kà. Fọ́tò kò lè sọ èyí fún yín, àfi kí ọmọ náà ka owó náà kó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bébà kó tó yà á.

Aláṣọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣeun, mo gbà pẹ̀lú yín nípa GROSS. Ẹ jẹ́ kí n bèèrè tèmi. Mánájà mi máa ń fi fọ́tò méjì ránṣẹ́ lóòjọ́, ọ̀kan ní nǹkan bí aago mẹ́rin nígbà tí ẹni tó ń gba owó láàárọ̀ bá ń lọ, èkejì nígbà tí a bá ti ṣọ́ọ̀bù. Ṣé àpapọ̀ méjèèjì ni ọjà ọjọ́ náà?

Oníṣirò Ṣábó

Ẹ wo orí bébà. Bí X bá wà lórí ti aago mẹ́rin, ṣe ni wọ́n kàn yọjú wo inú ẹ̀rọ, wọn kò nù ún kúrò. Bébà alẹ́ ti gbé gbogbo ọjà àárọ̀ mọ́ra, bí ẹ bá sì rò wọ́n pọ̀, ẹ ti ka ọjà àárọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bí ó bá jẹ́ Z ni méjèèjì, ẹ rò wọ́n pọ̀, nítorí Z ń mú ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ láti òfo. Nọ́ńbà Z kì í fò: lẹ́yìn 0412, 0413 ló kàn. Bí ẹ bá rí 0414 láìrí 0413, bébà kan wà tí wọn kò fi ránṣẹ́ sí yín.

Ìyá Olóògùn, Ìtámàgà

Ọlọ́run á bù kún yín. Mo fa fọ́tò náà tóbi, mo sì rí i pé ibi tí wọ́n ká bébà náà kọjá gẹ́lẹ́ lórí ìlà CARD. 193,750 ni lóòótọ́. Mo wá rántí ọ̀rọ̀ àbúrò mi ará Àgbádárìgì pé ẹ̀rọ káàdì náà ní ìwé ìparí ọjọ́ tirẹ̀, mo sì ní kí ọmọ náà fi ti Sátidé ránṣẹ́. Ọ̀rọ̀ wá tún di méjì: ẹ̀rọ káàdì ní ₦205,750 ló gba ọ̀dọ̀ òun kọjá. Mo ro gbogbo àlẹ́ẹ̀tì tíráńsífà ọjọ́ náà pọ̀, ₦101,500 ni mo rí, dípò 113,500. Kí ni kí n gbà gbọ́ báyìí?

Alágbàfún, Àgbádárìgì

Ìyá, ó lè jẹ́ owó tí kò tíì wọlé. Àwọn ẹ̀rọ káàdì kan wà tí owó wọn kì í dé àkáǹtì títí di ọjọ́ kejì, ti ọjọ́ Sátidé sì lè di Mọ́ńdè.

Oníṣirò Ṣábó

Ìyẹn á ṣàlàyé bí owó káàdì kò bá tíì dé báńkì, ṣùgbọ́n ohun tí ìyá wa mú wá ni ìwé ẹ̀rọ káàdì fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti báńkì. Ẹ wò ó: káàdì fi 12,000 lé, tíráńsífà fi 12,000 dín. Nígbà tí iye kan náà bá lé níhìn-ín tó sì dín lọ́hùn-ún, ohun tó ṣeé ṣe jù ni pé oníbàárà kan fi káàdì sanwó, ọmọ náà sì tẹ bọ́tìnnì TRANSFER lórí ẹ̀rọ ìgbowó. Ẹ wá ₦12,000 nínú ìwé ẹ̀rọ káàdì, tàbí iye méjì tó para pọ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ fi aago rẹ̀ wé ti rìsíìtì. Ọjà ọjọ́ náà ṣì jẹ́ 475,650, owó kankan kò sọnù. Bọ́tìnnì tí ọmọ bá tẹ̀ ni bébà ìparí ọjọ́ ń tẹ̀ jáde, kò mọ ọ̀nà tí owó gbà wọlé ní tòótọ́. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà lórí bébà, kí ẹ wá kọ àtúnṣe 12,000 sí òpó mìíràn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀dẹ́

Ẹ má bínú, Ẹ̀gbọ́n, n kò fara mọ́ ìyẹn. Báńkì ni ìyá wa máa fi ìwé wọn wé níparí oṣù. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ 205,750 àti 101,500 tààrà, kí wọ́n má baà máa gbé òpó àtúnṣe kiri.

Oníṣirò Ṣábó

Bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ tí ẹlòmíràn bá mú bébà 0412 wá láti fi yẹ ìwé wò, kò ní bá ohun tó wà níbẹ̀ mu, kò sì sí ẹni tí yóò rántí ìdí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù tiwọn ni, ohun tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn ni kí wọ́n ṣe, bí wọ́n bá ti ń ṣe é bákan náà lójoojúmọ́.

Ìyá Olóògùn, Ìtámàgà

Màá fi bébà sílẹ̀ bó ṣe rí, màá sì ní òpó àtúnṣe. Mo ti rí i: ₦12,000 kan wà lórí ẹ̀rọ káàdì ní aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́jọ alẹ́. Ọmọ náà ní oníbàárà kọ́kọ́ sọ pé tíráńsífà lòun fẹ́ ṣe, òun ti tẹ bọ́tìnnì kí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó dí i lọ́wọ́, ó wá fa káàdì yọ.

Aláṣọ Ẹ̀pẹ́

Ẹ̀rọ tèmi kò ní bọ́tìnnì TRANSFER rárá, CASH àti CARD nìkan ló wà níbẹ̀, CARD ni wọ́n ń tẹ fún méjèèjì. Ṣé ọ̀nà kan wà tí mo fi lè yà wọ́n sọ́tọ̀ láti inú fọ́tò?

Oníṣirò Ṣábó

Láti inú fọ́tò, rárá. Ẹ lè yọ iye tí ẹ̀rọ káàdì tẹ̀ jáde kúrò nínú CARD, kí ẹ pe ìyókù ní tíráńsífà, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ fi àlẹ́ẹ̀tì yẹ ìyókù yẹn wò, nítorí gbogbo àṣìṣe ọjọ́ náà ni yóò lọ farapamọ́ síbẹ̀. Ẹ bi ẹni tó ta ẹ̀rọ náà fún yín bóyá ó lè fi bọ́tìnnì kẹta kún un. Àwọn ẹ̀rọ kan gbà bẹ́ẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà. Kí ni orúkọ tó wà lára tiyín?